Ẹ̀gbọ́n ní Wilmer, àbúrò ní Cushing: ta ni kí n jẹ́ kó jàre nínú ìtàn mi?

Àkàndé Onígègé kọ pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ń kọ ìtàn kúkúrú kan nípa ọmọ ìyá méjì tí wọ́n gbé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà èwe wọn, nítorí pé bàbá wọn ń kọ́ iṣẹ́ amòfin níbẹ̀. Dúpẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, ọdún 1957 ni wọ́n bí i. Fẹ́mi ni àbúrò, ọdún 1961 ni wọ́n bí i. Nígbà tí àwọn méjèèjì ti darúgbó ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣe àlọ́ inú ìwé ìròyìn, wọ́n ń jiyàn lórí òṣèré tó ṣe Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ olókìkí nì, nínú eré BBC àtijọ́ tí wọ́n wò ní ilé wọn ní Camberwell. Dúpẹ́ ní Douglas Wilmer ni. Fẹ́mi ní Peter Cushing ni. Nínú ohun tí mo kọ, Fẹ́mi yọ fóònù, ó wá a, ó rí orúkọ Cushing, ojú sì ti Dúpẹ́. Ẹnì kan tó kà á ní òpin náà kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Kí ni mo ṣì ṣe, báwo ni kí n sì ṣe parí ìjà náà?

Ìyá Aránṣọ kọ pé:

Ọmọ mi, àwọn méjèèjì ló jàre. Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, iṣẹ́ ìránṣọ ni mo ń ṣe, a sì ní tẹlifíṣọ̀n kan tí gbogbo ilé ń péjọ sídìí rẹ̀. Wilmer ló kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́yìn náà ni Cushing gbà á ṣe. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ láti parí ìjà náà ni kí o jẹ́ kí ẹnì kan bi wọ́n léèrè àwọ̀ ohun tí wọ́n rí. Dúdú-àti-funfun ni ti Wilmer, aláwọ̀ sì ni ti Cushing. Ẹni tó bá rántí àwọ̀ ọ̀gbọ̀ pupa tàbí ti iná inú ààrò, Cushing ló wò. Ìbéèrè kan péré ni, ó sì ti tán.

Baba Òǹwòran kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ, nítorí apá kìn-ín-ní ọ̀rọ̀ wọn tọ́, òun sì ni ìdí tí òpin Àkàndé fi wó. Eré kan náà ni BBC ka ti àwọn òṣèré méjèèjì sí. Ní 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìtàn kan ṣoṣo jáde, èyí tó dá lórí ejò tó ń gba okùn agogo wọlé sí yàrá, Wilmer ló sì ṣe Holmes nínú rẹ̀. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n wá fi ìtàn méjìlá kún un láti 20 oṣù kejì 1965. Nígbà tó di 1968, wọ́n fẹ́ ṣe mẹ́rìndínlógún sí i, wọ́n sì pe Wilmer padà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dín ọjọ́ ìdánrawò kù. Ara ọkùnrin náà ti bó tẹ́lẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, nítorí pé ìwé eré máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, àwọn ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó tún un kọ. Bí Cushing ṣe wọlé nìyẹn, òun náà sì ráhùn lẹ́yìn náà pé ìkánjú tí wọ́n fi ya eré náà kò jẹ́ kí òun ṣe é bó ṣe wu òun.

Ohun tó ń da ojú rú ni pé wọn kò pààrọ̀ ẹni tó ṣe Watson, ọ̀rẹ́ Holmes. Nigel Stock ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wilmer, òun náà ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cushing. Ọmọ ọdún méje kì í ka orúkọ òṣèré tó ń sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ojú ló máa ń mọ̀, ojú tí kò sì yí padà nínú eré náà ni ti dókítà tó ń tẹ̀ lé Holmes kiri. Bí Dúpẹ́ bá ṣàpèjúwe Watson tirẹ̀, tí Fẹ́mi náà ṣàpèjúwe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn yóò bára mu délẹ̀, wọn yóò sì rò pé ohun kan náà ni àwọn jọ rí. Àdéhùn wọn lórí Watson ni yóò mú kí ìjà lórí Holmes le sí i.

Lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá wa, kò lè ṣe adájọ́ níbí. Òótọ́ ni pé wọ́n fi àwọ̀ ya eré ọdún 1968, ṣùgbọ́n BBC1 ni wọ́n ti gbé e jáde, BBC1 kò sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọ̀ hàn títí di 15 oṣù kọkànlá 1969. BBC2 nìkan ló ti ń fi àwọ̀ hàn láti 1967. Nítorí náà, ní ọdún 1968, bí bàbá Fẹ́mi tilẹ̀ jẹ́ olówó tó lè ra tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, dúdú-àti-funfun ni Cushing yóò bá wọlé sí yàrá wọn.

Ìyá Aránṣọ kọ pé:

Ẹ ṣeun, sà. Mo gbà, àmọ́ mo rántí àwọ̀ náà dájúdájú. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde lẹ́yìn náà ni mo rí i, nítorí pé èmi kò kúrò níbẹ̀ títí di 1974.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ kọ pé:

Mi ò mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe wàhálà. Holmes tó dára jù ni Jeremy Brett, kò sí ẹni tó lè bá a dù ú. Ẹ wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ wàrà, tó sì ń fò kọjá lórí àga. Wilmer àti Cushing yìí, mo ti wo wọn díẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, oorun ni wọ́n fẹ́ kùn mí. Kí Àkàndé sọ ọ́ di Brett, kí ìtàn rẹ̀ lè gbádùn mọ́ni.

Baba Òǹwòran kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìtàn náà kò béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, ẹni tó ṣe é gan-an ni wọ́n ń jà sí. Bí ó bá sì di ti Brett, ìtàn náà kú nìyẹn, nítorí pé òun nìkan ló ṣe Holmes nínú eré ilé iṣẹ́ Granada láti 1984 títí di 1994, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò jiyàn lé lórí. Ìjà Watson ni wọ́n lè jà níbẹ̀, nítorí pé David Burke ló kọ́kọ́ ṣe é kí Edward Hardwicke tó gba ipò rẹ̀. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe jẹ́ òdìkejì ara wọn: nínú eré kan Watson dúró, Holmes yí padà, nínú èkejì Holmes dúró, Watson yí padà. Mo ti rí ẹni tó po méjèèjì pọ̀ nínú orí rẹ̀, tó ń búra pé Brett gba ipò lọ́wọ́ Cushing.

Tísà Fẹ̀yìntì Ọ̀yọ́ kọ pé:

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi nílé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nítorí irú rẹ̀, lórí eré The Village Headmaster tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa. Ó ní Ted Mukoro ni ọ̀gá ilé ìwé náà, mo ní Femi Robinson ni, àbúrò wa kékeré sì ń rẹ́rìn-ín wa, ó ní Justus Esiri ni òun mọ̀. Ìyá wa ló là wá, kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ó kàn bi wá pé, "Ọdún wo ni ẹ̀yin dé ilé mi?" Ìdí ni pé mo gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìséyìn fún ọdún díẹ̀ kí n tó padà sílé tí tẹlifíṣọ̀n wà. Gbogbo wa ló rí òótọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwé tirẹ̀. Àkàndé, má jẹ́ kí fóònù là wọ́n. Ohun tí fóònù ń sọ kì í múni rántí nǹkan kan.

Alárìíwísí kọ pé:

Ọ̀rọ̀ Tísà ti ṣí ojú mi sí ihò tó wà nínú ìtàn yìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́. Àkàndé ní wọ́n jọ gbé ní Camberwell. Bí Dúpẹ́ bá wà níbẹ̀ ní 1965, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé e, ó lè rí Wilmer dáadáa. Fẹ́mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nígbà náà, ó ti sùn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ní 1968, Dúpẹ́ ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kí ló dé tí òun kò rí Cushing? Ó yẹ kó rí àwọn méjèèjì, kó sì mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ ọkùnrin náà, nígbà náà òun ló máa là á yé àbúrò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ìtàn náà yóò sì tán ní ojú ìwé kìn-ín-ní.

Lójú tèmi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi. Ìjà tí gbogbo ènìyàn jàre nínú rẹ̀ kì í ṣe ìjà, ìkíni ni.

Àkàndé Onígègé kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Alárìíwísí, ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ. Mo ń rò ó pé kí n jẹ́ kí wọ́n rán Dúpẹ́ padà sílé ní 1967, lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kó lè lọ sí ilé ìwé níbẹ̀, kí Fẹ́mi tó kéré dúró ti àwọn òbí wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ ló pín ọmọ wọn bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn ni pé mo fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀rí wá. Dúpẹ́ ń sọ nípa ajá ńlá tí ó ń tàn nínú òkùnkùn pápá, Fẹ́mi sì ń sọ nípa àwọn ọkùnrin onírun pupa tí wọ́n tò sójú pópó. Ṣé èyí dára?

Baba Òǹwòran kọ pé:

Ó dára púpọ̀, àfi pé o gbé wọn fún ẹni tí kò ni wọ́n. Ó sì dára pé o béèrè, nítorí ibí gan-an ni wọ́n ti lè là á láìsí fóònù. BBC kò ṣe ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú eré yìí. Ìtàn tí Wilmer bá ti ṣe, Cushing kò fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, má bi wọ́n bí imú Holmes ṣe rí. Bi wọ́n léèrè ẹjọ́ tó ń yẹ̀ wò. Àwọn onírun pupa jẹ́ ti Wilmer, ní oṣù kẹta 1965: olówó ìyáwó kan tí irun rẹ̀ pọ́n bí epo ni wọ́n ń sanwó fún láti máa da ìwé ńlá kọ, kí àwọn olè lè ráàyè gbẹ́ ilẹ̀ láti abẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé báńkì. Dúpẹ́ ló ni ìyẹn. Ajá inú pápá jẹ́ ti Cushing, apá méjì ni wọ́n pín in sí ní 1968. Ìyẹn jẹ́ ti Fẹ́mi.

Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ ìwọ, n kò ní lo ajá. Cushing ti ṣe Holmes nínú fíìmù kan lórí ajá yẹn kan náà ní 1959, fíìmù yẹn sì rìn jìnnà ju eré BBC lọ. Ẹni tó bá ní òun rántí Cushing àti ajá lè jẹ́ pé ní sinimá ló ti rí i, ẹ̀rí náà kò sì ní lágbára mọ́. Fún Fẹ́mi ní pẹ́pẹ́yẹ. Ìtàn tí wọ́n fi parí gbogbo rẹ̀ ni ti pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó ńlá kan tí wọ́n fẹ́ sè fún Kérésìmesì, tí wọ́n rí òkúta búlúù olówó iyebíye nínú ọ̀fun rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kejìlá 1968 ni wọ́n gbé e jáde, ọjọ́ méjì sí Kérésìmesì gan-an. Ọmọ ọdún méje kò lè gbàgbé irú rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì tún wà tó dùn mọ́ mi ju ti ẹjọ́ lọ, òun ni ọjọ́. Sátidé ni ti Wilmer máa ń jáde, Mọ́ńdè sì ni ti Cushing. Sátidé ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní òórùn tirẹ̀, ó ní àlejò, ó ní irun dídì. Mọ́ńdè yàtọ̀ pátápátá. Ènìyàn lè ṣi ojú òṣèré mọ̀, ṣùgbọ́n bóyá wọ́n ń di irun rẹ̀ lọ́wọ́ tàbí aṣọ ilé ìwé ló wà lọ́rùn rẹ̀, ara kì í gbàgbé.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ kọ pé:

Ó dáa, mo ti lóye ìbéèrè náà báyìí, ẹ má bínú. Kí ló dé tó jẹ́ pé Cushing ni gbogbo ayé ń dárúkọ nígbà náà? Èmi gan-an, bí ẹ bá jí mi lóru tí ẹ sì ní kí n dárúkọ ẹni tó ṣe Holmes láyé àtijọ́, Cushing ni n ó sọ.

Baba Òǹwòran kọ pé:

Òkìkí ló fà á. Cushing lé àwọn òkú amùjẹ̀ kiri nínú fíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tún ṣe ọ̀gágun burúkú nínú fíìmù ogun ojú ọ̀run ọdún 1977 tí gbogbo ayé wò, Star Wars. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó yọ síta bẹ́ẹ̀ kò ṣe é gbàgbé. Wilmer ga, ojú rẹ̀ sì kún díẹ̀, imú rẹ̀ gùn dáadáa, ó tilẹ̀ jọ àwòrán Holmes inú ìwé àtijọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ orí ìtàgé àti ipò kéékèèké nínú fíìmù ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Fẹ́mi bá ń rántí, gbogbo Cushing tó ti rí láti ìgbà náà wá ló ń tì í lẹ́yìn. Dúpẹ́ kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan, ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ ní ọdún 1965 nìkan ló ní. Ó lè dàbí ẹni tó ń parọ́, òun gan-an ló sì wo ojú òṣèré náà fúnra rẹ̀ láìsí pé ayé rán an létí.

Ohun kan ṣì wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ọ, Àkàndé. Ìyàtọ̀ ńlá wà nínú ohun tó ṣẹ́kù lónìí. BBC máa ń pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́ nígbà náà kí wọ́n lè tún un lò, nítorí pé téèpù wọ́n. Nínú mẹ́rìndínlógún tí Cushing ṣe, mẹ́fà péré ló kù. Ti Wilmer fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, àfi méjì tí kò délẹ̀. Ti pẹ́pẹ́yẹ wà nínú mẹ́fà náà, ti àwọn onírun pupa náà sì wà lára ti Wilmer tó kù. Bí o bá fẹ́ kí Fẹ́mi rántí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi hàn án mọ́ láé, mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó sọnù.

Ìyá Aránṣọ kọ pé:

Ṣé ó dá yín lójú pé ó sọnù? Mo wo èyí tí obìnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ nìkan lójú ọ̀nà, tí ọkùnrin onírùngbọ̀n ń tẹ̀ lé e. Cushing ni. Mo sì tún wo ó lẹ́yìn náà nílé ọmọ mi, lórí fídíò.

Baba Òǹwòran kọ pé:

Ti oníkẹ̀kẹ́ wà lára àwọn mẹ́wàá tó sọnù, Ìyá. Brett náà ṣe ìtàn yẹn, bóyá tirẹ̀ lẹ rí lórí fídíò.

Ìyá Aránṣọ kọ pé:

Ṣé mi ò mọ Cushing ni?

Alárìíwísí kọ pé:

Ẹ ò rí i, ìtàn Àkàndé ti ń ṣẹlẹ̀ níbí. Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ kò lágbára. Ẹni tó ń ṣe àlọ́ inú ìwé ìròyìn kò ní jìjà bẹ́ẹ̀.

Baba Òǹwòran kọ pé:

Mo ní ohun tó lè dá a sílẹ̀. Nígbà tí BBC tún ṣe eré Holmes tuntun, èyí tí wọ́n gbé wá sí ayé òde òní, wọ́n fi Wilmer sínú ọ̀kan tó jáde ní 2012. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Watson wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ sísọ ti jẹ́ èèwọ̀, ó lanu béèrè ènìyàn, gbogbo àwọn bàbá tó jókòó sì gbaná jẹ. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá oníbìínú yẹn ni Wilmer. Wọn kò sọ fún òǹwòran pé Holmes àtijọ́ nìyẹn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n. Ó kú ní 2016.

Àkàndé Onígègé kọ pé:

Mo ti tún un kọ. Ẹ bá mi wo bó ṣe parí:

Káyọ̀dé, ọmọ ọmọ Dúpẹ́, gbé kọ̀ǹpútà sórí àga tímùtímù, àwọn àgbà méjì náà sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti wo ohun tó ń mú un rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ yàrá tí àwọn arúgbó ti ń ka ìwé ìròyìn, ó sọ̀rọ̀ sókè, àwọn arúgbó náà sì fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ gé jẹ.

Dúpẹ́ na ìka sí ọ̀kan nínú wọn. "Dá a dúró. Dá a padà díẹ̀. Sherlock Holmes nìyẹn."

"Màmá, arúgbó lásán ni. Ẹni tó ṣe Holmes kò sí níbẹ̀."

"Mo ní Sherlock Holmes nìyẹn. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n kí a tó bí ìyá rẹ. Wilmer ni."

Fẹ́mi rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Peter Cushing ni Holmes ilé wa, Cushing sì ti kú láti 1994."

"Ilé wa wo?"

"Camberwell. Òun àti Watson tó sanra díẹ̀ yẹn, tí ojú rẹ̀ rọ̀."

"Watson yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n Wilmer ló ń tẹ̀ lé. Ó dé fìlà abetí-ajá, Bàbá sì ní òyìnbó ti jí fìlà wa."

"Bàbá kò sọ ọ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀."

"O ti sùn."

"Èmi? Mo jókòó lórí àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, mo ń wo ìgbà tí wọ́n ya ọ̀fun pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n rí òkúta nínú rẹ̀. Màmá kọ̀ láti se adìyẹ Kérésìmesì títí tí mo fi fọwọ́ wá inú ọ̀fun tirẹ̀."

Dúpẹ́ yí ojú sí i. "Pẹ́pẹ́yẹ wo?"

Káyọ̀dé wò wọ́n lọ́tùn-ún lósì. "Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń ṣe é?"

"Sátidé," ni Dúpẹ́ wí. "Màmá máa ń di irun mi fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń fi orúnkún mú orí mi kí n má baà yí i. Gbogbo onírun pupa tó tò sójú pópó, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi wò wọ́n."

"Mọ́ńdè ni," ni Fẹ́mi wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Bàbá kì í sí nílé ní Mọ́ńdè. Èmi àti Màmá nìkan ni. Ó máa ń ní kí n jókòó ti òun, pé ilé náà ti dákẹ́ jù."

"Ọdún wo nìyẹn?"

"Ọdún Kérésìmesì tí ẹ kọ lẹ́tà wá láti Abẹ́òkúta."

Dúpẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Arúgbó tó wà lójú rẹ̀ ṣì lanu sílẹ̀, ìbínú rẹ̀ dúró sójú kan.

"Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì," ni ó wí, "àga mi nìyẹn."

Tísà Fẹ̀yìntì Ọ̀yọ́ kọ pé:

Ó wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, bí o bá gbà.

Alárìíwísí kọ pé:

Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo gbà. Mo ṣì ní ẹnì kan yẹ kó jẹ̀bi. Káyọ̀dé sì ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ rere jù. Ọmọ ayé òde òní yóò ti wá a lórí fóònù kí Dúpẹ́ tó sọ "Sátidé".

Baba Òǹwòran kọ pé:

Jẹ́ kó wá a. Yóò rí orúkọ méjèèjì lábẹ́ eré kan náà, yóò sì tún béèrè ọjọ́ náà. Nǹkan kan ló kù tí n ó tún ṣe: ibi tí Dúpẹ́ ti ní ẹ̀gbẹ́ kan ni òun fi wo àwọn onírun pupa, jẹ́ kó sọ ohun tí ẹ̀gbẹ́ yẹn rí gan-an. Wilmer ni àbí Watson? Bí orí rẹ̀ bá wà láàárín orúnkún ìyá rẹ̀, kò dájú pé ó rí Holmes púpọ̀.

Ìyá Aránṣọ kọ pé:

Mo ti pe ọmọ mi. Ó ní fídíò náà ṣì wà nínú àpótí, òun yóò wá a tó bá di òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ dúró dè mí.